Nótíìsì àyẹ̀wò ilé: kí onílé tó wọ yàrá ayálégbé l'Ékòó

Nótíìsì àyẹ̀wò ilé ni ìwé tí onílé tàbí ajẹ́ǹtì rẹ̀ fi ń sọ fún ayálégbé pé òun ń bọ̀ wá wo bí inú ilé ṣe rí, tàbí pé òun fẹ́ tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Kò ní í ṣe pẹ̀lú nótíìsì pé kéèyàn kó jáde. Bí irú rẹ̀ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fara balẹ̀ kà á kí àyà rẹ tó já.

Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìhà méjì. Ó fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé tó yá ní àlàáfíà, kí àṣírí rẹ̀ bò, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí, kí yàrá náà sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Onílé ló ni ilé lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ayálégbé ni inú rẹ̀ wà. Ní ìhà kejì, òfin kan náà ní kí ayálégbé gba onílé tàbí aṣojú rẹ̀ láyè láti wá wo ilé àti láti tún un ṣe, bó bá ti kọ̀wé ṣáájú, tó sì jẹ́ ojú ọ̀sán, ní àsìkò tó bójú mu. Òfin yìí kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ní àwọn ibi yẹn, ohun tó wà nínú àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Ibi tí wàhálà ti máa ń wọlé ni pé òfin náà kò sọ iye ọjọ́ tí ìwé yẹn gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1985 sọ ọ́ kedere: wákàtí 24, kó sì jẹ́ ní kíkọ. Lójú tèmi, ó yẹ kí ti Èkó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sí nílé láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n sì nílò àyè láti gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí àdéhùn, ní kí wọ́n kọ iye ọjọ́ náà sínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kò pọ̀ jù fún àyẹ̀wò lásán. Kí wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó, kó má bàa di àríyànjiyàn lẹ́yìn ọ̀la.

Ká sọ pé ayálégbé kan ń gbé ìsàlẹ̀ ní ilé alájà kan l'Ágége, tí omi sì ń jò látinú balùwẹ̀ òkè sí àjà yàrá rẹ̀. Onílé fi ìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé: "Mo ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi àti pọ́ńbà, láti wo àjà tó ń jò. Kò ní ju wákàtí kan lọ." Ìwé tó péye nìyẹn. Ó sọ ọjọ́, aago, ìdí, ẹni tó ń bọ̀ àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ọjà ni ayálégbé náà máa wà lọ́jọ́bọ̀. Kò yẹ kó dákẹ́, kò sì yẹ kó tìlẹ̀kùn mọ́ onílé. Kó fèsì ní kíkọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò ní í sí nílé lọ́jọ́bọ̀. Ṣé ẹ lè wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá?" Bó bá ń sún un síwájú léraléra, òun gan-an ló ń ta ko òfin, àjà tó sì ń jò kò ní í dúró dè é.

Bí onílé bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí, àjà àti ibi tó kan iṣẹ́ yẹn ló wá wò. Kò wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì wá ya fọ́tò ẹrù ẹlẹ́rù. Bó bá fẹ́ mú ẹni tó máa gba ilé lẹ́yìn rẹ wá wo yàrá, àyẹ̀wò mìíràn nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ jọ fohùn ṣọ̀kan lé e. Kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àṣẹ láti wọlé nígbà tó wù ú. Ti iná tó ń jó tàbí páìpù tó bẹ́ lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó máa retí ìwé kó tó gba ilé là, ṣùgbọ́n kí onílé pe ayálégbé lójú ẹsẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn àti àgbàlá tí gbogbo ará ilé jọ ń lò kò sí lára èyí. Onílé lè gba ibẹ̀ kọjá láìkọ̀wé.

Bó bá ń wọlé ṣáá láìsọ, kọ ọjọ́ àti aago ìgbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́, kí o sì kọ lẹ́tà sí i pé àdéhùn yín kò gba bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe alárinà láàárín aráàlú, Citizens' Mediation Centre, tí kì í gbowó. Wọ́n á pe ìhà méjèèjì jókòó, ohun tí ẹ bá sì fẹnu kò sí níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.