Ibi tí OSNAP àti POLAR ti ṣẹ̀ wá

Nínú AutoCAD, ètò tí a fi ń yàwòrán ilé àti ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, OSNAP ló ń gbá ojú kan gẹ́lẹ́ mú lára ohun tí a ti yà, bí orí ìlà; POLAR ló ń mú ìlà tọ igun tí a bá yàn. Àwọn kan máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ Autodesk ló dá méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jinlẹ̀. Autodesk kó wọn sínú AutoCAD, ṣùgbọ́n orí pátákó ayàwòrán ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ti gbé sẹ́tì-sikúéà méjì lé orí tì-sikúéà, ọ̀kan tó ní igun 45, èkejì tó ní 30 àti 60, mọ̀ pé bí a bá so wọ́n pọ̀, a ó rí gbogbo igun tí a lè fi 15 pín. Nígbà tí mo bá ṣí ètò POLAR tí mo rí 15 láàrin àwọn igun tí a lè yàn, sẹ́tì-sikúéà wọ̀nyẹn ni mo ń rí. Mo tilẹ̀ rò pé gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju pátákó lọ, dé ọ̀dọ̀ okùn tí bíríkìlà ń ta láàrin èèkàn méjì: èèkàn ni OSNAP, okùn ni POLAR, ìwọ̀n tí ó fi téèpù wọ̀n lára okùn ni iye gígùn tí à ń tẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, Ivan Sutherland ni mo fún ní ọlá. Ní ọdún 1963 ni ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT lórí Sketchpad, ètò tí ó ṣe fún ẹ̀rọ TX-2. Kálàmù iná ni ó fi ń yàwòrán, ọwọ́ ènìyàn kò sì lè fi irú kálàmù bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ojú kan gẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí kálàmù bá ti súnmọ́ ìlà tàbí àmì tó ti wà nílẹ̀, Sketchpad á kà á sí pé orí rẹ̀ gan-an ló wà. Ohun tí OSNAP ń ṣe títí di òní nìyẹn.

AutoCAD jáde ní 1982, OSNAP wọ inú rẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1980, POLAR sì dé pẹ̀lú AutoCAD 2000, tó jáde ní 1999.

Ní àtijọ́, fún yàrá oní-3600 sí 3000 mìlímítà, a máa ń tẹ gígùn àti igun ìlà kọ̀ọ̀kan: `@3600<0`, lẹ́yìn náà `@3000<90`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, a ó tẹ `LINE`, a ó mú igun àkọ́kọ́, a ó fa máòsì sí ọ̀tún títí ìlà tótòtó POLAR yóò fi hàn, a ó sì tẹ 3600 àti Enter. A ó fà á sókè, a ó tẹ 3000. A ó fà á sí òsì, a ó tẹ 3600. `C` ni yóò pa á dé.

Ibi tí ó ti ń tanni jẹ ni ibi tí OSNAP àti POLAR bá ti jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà kan tí mo fẹ́ fa ògiri 3000 lọ sókè, igun ilẹ̀kùn kan wà ní 2000 lókè àti 10 péré sí ọ̀tún. OSNAP gbá igun yẹn mú, ìlà mi sì kọjú sí i; gígùn rẹ̀ pé 3000, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yẹ̀ sí ọ̀tún ní nǹkan bíi 15. Ojú kò rí i. Bí a bá wo igun nìkan nínú `LIST`, àṣẹ tó ń kọ ìwọ̀n ìlà jáde, ó lè kọ 90 nítorí pé kì í fi ìdá hàn bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Delta X, ìyẹn bí orí ìlà ṣe yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì tó, tó yẹ kó jẹ́ 0, ni ó tú àṣírí. Láti ìgbà náà, bí àmì OSNAP bá yọ níbi tí mo fẹ́ tẹ iye sí, mo máa ń kọ́kọ́ fi F3 pa á.