Ìdí tí mọ́dẹ́lì àwòrán fi ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ, àti ohun tí a lè ṣe sí i

Ẹ ní kí mọ́dẹ́lì àwòrán, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ fún un, ya ilẹ̀kùn kan, kí ó kọ "Ọ̀NÀ ÌJÁDE" sí pátákó tó wà lókè rẹ̀. Ilẹ̀kùn á gún régé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè di "ONA IJADDE", tàbí àmì tó kàn jọ lẹ́tà.

Púpọ̀ nínú àwọn mọ́dẹ́lì yìí kì í ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ sí ègé, wọ́n á wá fi nọ́ńbà rọ́pò ègé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ bíi EXIT lè jẹ́ ègé kan ṣoṣo. Mọ́dẹ́lì ti rí odidi rẹ̀ lára ògiri láìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn kò sọ fún un pé lẹ́tà mẹ́rin ni. Ní ti "Ọ̀NÀ", àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ máa ń fọ́ ọ sí ègé wẹ́wẹ́, àwòrán tó sì ní irú àmì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ mọ́dẹ́lì.

Ìwọ̀n náà tún ń dá kún un. Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ Stable Diffusion, fún àpẹẹrẹ, ń fún àwòrán píkísẹ́lì 512×512 pọ̀ di àpótí 64×64, tí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún píkísẹ́lì 8×8. Àmì ìsàlẹ̀ tí kò ju píkísẹ́lì mẹ́ta lọ á rì sínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́dẹ́lì fúnra rẹ̀ kọ ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ sáàárín àmì àyọlò, kí ó má ju mẹ́ta lọ, kí pátákó tóbi, kí ó sì kọjú sí wa gangan. Ẹ yẹ èsì wò láti lẹ́tà ìkẹyìn padà sí ti àkọ́kọ́, kí ojú má bàa tún àṣìṣe ṣe fúnra rẹ̀.

Fún Yorùbá tó ní àmì, ẹ jẹ́ kó fi pátákó sílẹ̀ lófìfo. Èyí ló dá wa lójú jù:

```
wooden door, large blank white sign above it, front view
```

Ẹ má kọ "no text" síbẹ̀. Dídárúkọ ọ̀rọ̀ lè fa ọ̀rọ̀ wọlé. Bí àpótí "Negative prompt", tí a ń kọ ohun tí a kò fẹ́ sí, bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ `text, letters` sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Ẹ fi fọ́ńtì Noto Sans kọ ọ̀rọ̀ náà, torí pé nínú fọ́ńtì mìíràn, àmì orí Ọ̀ lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó fi "Perspective" tẹ̀ ẹ́ bá igun pátákó mu, nítorí pé bí ẹ bá tún lẹ́tà inú rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí "Perspective" ṣe á pòórá. Bí àwọ̀ lẹ́tà kò bá dúdú pátápátá, ẹ yí "Mode" rẹ̀ sí "Multiply" kí òjìji pátákó lè hàn lára lẹ́tà, kí ẹ sì fi "Gaussian Blur" bíi píkísẹ́lì 0.5 sí i bí etí lẹ́tà bá mú ju ti ìyókù àwòrán lọ.