Ìsún aago yàtọ̀ sí ẹkùn àkókò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i nínú àwọn ìtumọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìyàtọ̀ àkókò", ni wọ́n fi ń pe nǹkan méjì tí kò bá ara wọn tan. Bí àkọsílẹ̀ sáfà kan bá sọ pé aago méjì ọ̀sán kọjá ni, tí ti sáfà kejì sọ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, wọ́n á ní ìyàtọ̀ àkókò ni. Bí aago sáfà kan bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá falẹ̀, wọ́n á tún ní ìyàtọ̀ àkókò ni. Ó ń bí mi nínú, nítorí pé ẹni tó bá fi orúkọ kan pe àìsàn méjì, oògùn kan náà ni yóò lò fún méjèèjì. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n ó sì sọ ọ́ níwájú.

Ti àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní ẹkùn àkókò, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ gùn lórí rẹ̀. Àwọn kan ń kọ "sóònù", àwọn kan "agbègbè àkókò", kò burú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kò sí aago tó ṣìnà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, orúkọ tí wọ́n fún un ló yàtọ̀.

Ìkejì ni ìjà wà. Ìsún aago ni mo ń pè é. Mo ti rí ẹni tó pè é ní "ìléfòó aago", bí ẹni pé aago jẹ́ igi tó wà lórí omi. Ohun tó bá léfòó, ibi tí omi bá gbé e lọ ló ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò wà lọ́la. Aago sáfà kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta kírísítálì tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ló ń ka àkókò, bí ó bá sì fi díẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó fi díẹ̀ lọ́ra, ìwọ̀n díẹ̀ yẹn kan náà ni yóò máa fi yá tàbí lọ́ra lójoojúmọ́, àfi bí ooru tàbí òtútù bá yí i padà. Mo ti rí "ìyapa aago" náà. Ẹni tó bá yapa ti fi ọ̀nà sílẹ̀ pátápátá, aago yìí ṣì wà lójú ọ̀nà. "Àṣìṣe aago" fẹ̀ jù, nítorí aago tí ẹnì kan yí sí ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe àṣìṣe, kò sì sún. Ní ti "dírífítì", ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí "sún" ń ṣe fún wa. A ń sún síwájú, a ń sún sẹ́yìn, nítorí náà ó gba aago tó ń yá àti èyí tó ń lọ́ra. Díẹ̀díẹ̀ ni sísún máa ń jẹ́, kì í ṣe fífò. Nígbà tí aago bá sì fò lóòótọ́, a ní "fífò" nílẹ̀ fún ìyẹn. Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ sọ fún mi pé àwọn èèyàn yóò kà á sí "sùn". Ìdáhùn mi ni pé kí a fi àmì ohùn sí i. Sún, sun, sùn: mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀nà mẹ́ta la sì ń kọ wọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ni kó wá nǹkan ṣe sí ìkọ̀wé tirẹ̀, kó má ba ọ̀rọ̀ tó dára jẹ́.

Àfiwé kan tó fún mi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé téèpù ìdiwọ̀n méjì wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti gé orí ọ̀kan sọnù, nọ́ńbà 6 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá fi wọ̀n, kúkúrú tàbí gígùn, mẹ́fà ni a ó máa yọ, ó tán. Ẹkùn àkókò nìyẹn. Téèpù kejì ti fà nítorí lílò. Nínú nǹkan kúkúrú a kò ní rí àléébù rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tí a ń wọ̀n bá ṣe ń gùn sí i ni irọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì sí nọ́ńbà kan tí a lè yọ tí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìsún aago nìyẹn. Téèpù sáfà tí a fẹ́ wò yìí ní àléébù méjèèjì.

Sáfà méjì ni. Sáfà A ń gba ìbéèrè wọlé, UTC, àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé, ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń lò, aago rẹ̀ sì ń tẹ̀lé NTP dáadáa, ìyẹn ìlànà tó ń mú aago kọ̀ǹpútà bára mu lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Sáfà B ni A ń rán ìbéèrè sí. Ẹkùn +05:30 ni B wà, ẹni tó sì tò ó kò jẹ́ kó kọ ẹkùn sínú òǹtẹ̀ àkókò rẹ̀. Ẹ wo ìrìnàjò ìbéèrè kan, láti ìgbà tí A rán an títí ó fi gba èsì:

```
A  2024-03-12T09:14:20.310Z  send  req=7f3a
B  2024-03-12 14:44:07.955   recv  req=7f3a
B  2024-03-12 14:44:08.015   reply req=7f3a
A  2024-03-12T09:14:20.410Z  got   req=7f3a
```

Ohun tí ọ̀dọ́ kan ṣe níbi iṣẹ́ wa nìyí. Ó rí i pé B fi nǹkan bíi wákàtí 5, ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 47.625 síwájú A. Ó pè é ní ìyàtọ̀ àkókò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì yọ nọ́ńbà kan yẹn kúrò nínú àkọsílẹ̀ B ti odindi ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ ìkẹyìn gbogbo rẹ̀ bára mu, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ìbéèrè ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ B, àwọn èsì sì ń jáde ní B lẹ́yìn tí A ti gbà wọ́n. Odidi ọjọ́ méjì la fi wá ohun tó ń dí ọ̀nà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì sí nǹkan tó ń dí i.

Ẹkùn ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò, lọ́tọ̀. Gbogbo ẹkùn tí ayé ń lò lónìí ló jẹ́ ìlọ́po ìṣẹ́jú 15 sí UTC, nítorí náà nọ́ńbà tó bá ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 47 nínú kò lè jẹ́ ẹkùn nìkan. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 30 ló sún mọ́ ọn jù, ìyẹn ni a ó yọ. B wá di 09:14:07.955 àti 09:14:08.015. Bí sáfà bá wà níbi tí wọ́n ti ń yí aago nítorí ìgbà ooru, wákàtí kan máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá aago padà, òǹtẹ̀ tí kò bá ní ẹkùn nínú kò sì lè sọ èwo ni. Irú àkọsílẹ̀ syslog àtijọ́ tí ìwé ìlànà RFC 3164 ṣàpèjúwe tún burú ju èyí lọ, nítorí kò kọ ọdún pàápàá. RFC 5424 ti ọdún 2009 ló tún un ṣe.

Ní báyìí tí ẹkùn ti kúrò, ohun tó ṣẹ́kù ta ko ọgbọ́n orí: B gba ìbéèrè náà kí A tó rán an. Àmì tí mo fi ń mọ ìsún nìyẹn. A ó fi òǹtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe irú ìṣirò tí NTP fúnra rẹ̀ ń ṣe. T1 ni ìgbà tí A rán an, T2 ìgbà tí B gbà á, T3 ìgbà tí B fèsì, T4 ìgbà tí èsì dé ọ̀dọ̀ A. Offset ni iye tí aago B fi yàtọ̀ sí ti A, delay sì ni àkókò tí àlọ àti àbọ̀ gbà lójú ọ̀nà.

```
offset = ((T2 - T1) + (T3 - T4)) / 2
       = (-12.355 + -12.395) / 2 = -12.375
delay  = (T4 - T1) - (T3 - T2)
       = 0.100 - 0.060 = 0.040
```

Aago B fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.375 falẹ̀ ní àkókò yẹn. Ìṣirò náà gbà pé àlọ àti àbọ̀ gba iye àkókò kan náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe wa kò lè ju ìdajì delay lọ, ìyẹn 0.020. Ẹ pa nọ́ńbà yẹn mọ́, a ó tún lò ó.

Ọ̀dọ́ wa dúró lórí ìdiwọ̀n kan ṣoṣo. Ohun tó yẹ ni kó padà sẹ́yìn láti mú ìbéèrè mìíràn. Nígbà tí mo mú èyí tó wáyé ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, offset rẹ̀ jẹ́ -12.015. Láàárín wákàtí mẹ́fà, B ti sún sẹ́yìn ní 0.360, èyí tó jẹ́ 1.44 lójúmọ́, nǹkan bíi 16.7 ppm, ìyẹn 16.7 nínú mílíọ̀nù kan. Kírísítálì lásán lè sún tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Bí a bá fi 1.44 pín 12.375, a ó rí ọjọ́ mẹ́jọ àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìyẹn sọ fún wa ìgbà tí NTP dákẹ́ lórí B. A yẹ àkọsílẹ̀ B wò ní ọjọ́ náà, a sì rí i pé wọ́n ti yí òfin ògiri-ààbò padà, NTP kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́.

Nítorí náà, iye tí a ó fi kún òǹtẹ̀ B kì í ṣe ẹyọ kan. Fún ìṣẹ̀lẹ̀ tó bọ́ sí àárín ìdiwọ̀n méjèèjì gẹ́lẹ́, 12.195 ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà láti ibìkan dé ibìkan, kó mú ìbéèrè kẹta ní àárín kó fi dán an wò. Bí kò bá bọ́ sórí ìlà, aago náà ti fò níbì kan, ojú fífò yẹn sì ni ìlà kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. chronyd, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń fi NTP tún aago ṣe, máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá mú kí aago fò:

```
System clock was stepped by
```

Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bákan náà, bí sáfà náà bá jẹ́ ẹ̀rọ àfojúrí, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, tí wọ́n dá dúró tí wọ́n tún jí, aago rẹ̀ lè fò láìsí chronyd nínú rẹ̀ rárá.

Òǹtẹ̀ àtilẹ̀wá ni kí ẹ má pa rẹ́. Mo máa ń fi òpó tuntun kún un, èyí tí mo ti yọ ẹkùn àti ìsún kúrò nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí mo fi tún un ṣe, kí ẹlòmíràn lè yí i padà bí mo bá ṣì í. Ẹ rántí 0.020 náà. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní A àti ọ̀kan ní B bá sún mọ́ra jù ìyẹn lọ, kò sí ìṣirò aago tó lè sọ èyí tó ṣáájú. Níbẹ̀, req ni kí a tẹ̀lé: bí nọ́ńbà ìbéèrè bá so wọ́n pọ̀, fífi ránṣẹ́ ló ṣáájú gbígbà, ohunkóhun tí òǹtẹ̀ ì báà wí. Bí nǹkan kan kò bá sì so wọ́n pọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé a kò lè tò wọ́n.