Purofáìlì Márùn-ún, Síkírìnì Méjì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Àwọn Tó Ń Wòran Lórí Àkáǹtì Kan

Bí ẹ bá ṣí Netflix lórí tẹlifíṣàn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni àwòrán ojú kéékèèké tí orúkọ wà lábẹ́ wọn, tí ìbéèrè kan sì wà lókè wọn: `Who's watching?` Àwọn ojú yẹn là ń pè ní purofáìlì. Àkáǹtì kan lè ní tó márùn-ún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n á ní bí ojú márùn-ún bá ti wà, àwọn márùn-ún lè máa wòran lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ ni. Iye àwọn tó lè wò pọ̀ wà nínú pákéèjì tí ẹ sanwó fún, purofáìlì kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó bá san owó `Mobile` tàbí `Basic` ra síkírìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kan péré ló lè máa ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà. `Standard` jẹ́ méjì, `Premium` jẹ́ mẹ́rin. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí èyí tó dé márùn-ún nínú wọn. Ẹni tó san owó tó wọ́n jù lọ, tó sì ṣí purofáìlì márùn-ún, ẹnì kan á ṣì dúró síta bí gbogbo wọn bá fẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní òfin tirẹ̀. Prime Video gba mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ bó bá jẹ́ fíìmù kan náà ni gbogbo yín fẹ́ wò lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì péré ló gbà. DStv ní tirẹ̀ kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2022 pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò lè máa wòran lórí áàpù òun lẹ́ẹ̀kan, ariwo sì sọ lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń pín in lò. Netflix ni mo máa fi ṣàlàyé níhìn-ín, torí òun ló ní ìṣírò tó pọ̀ jù.

Kí wá ni iṣẹ́ purofáìlì? Ó dà bí àpótí aṣọ tí oníkálukú ní nínú ilé kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ibi tí ẹ wo fíìmù dé, àwọn èyí tí ẹ kó jọ láti wò lọ́jọ́ iwájú, èdè tí ẹ fẹ́ gbọ́, àti irú eré tí wọ́n máa dábàá fún yín. Ẹ lè fi ti ọmọdé sí abẹ́ òfin ọjọ́ orí kí eré àgbàlagbà má baà yọ sí i, ẹ sì lè fi nọ́ńbà mẹ́rin ti tiyín pa kí ẹlòmíràn má baà wọ ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà tì í, àpótí yín lẹ ṣọ́, ẹ ò gba àyè sílẹ̀ fún ara yín. Bákan náà, bí ènìyàn méjì bá wọ inú purofáìlì kan náà lórí fóònù méjì, síkírìnì méjì ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn.

Ìgbà tí wọ́n ń kà á gan-an ni ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè wọ àkáǹtì náà lórí ẹ̀rọ mẹ́wàá, kí ẹ sì máa yẹ eré wò lórí gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀rọ yín á ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ńlá ilé-iṣẹ́ náà láti gba àṣẹ. Ìyẹn á wo iye eré tó ń lọ lọ́wọ́ lórí àkáǹtì náà. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, á fún un ní àṣẹ, eré á bẹ̀rẹ̀. Bí àyè bá ti kún, ẹ máa rí i lójú ẹ̀rọ pé `Too many people are using your account right now`. Ẹni tó kẹ́yìn dé ni wọ́n ń dá padà. Wọn kì í lé ẹni tó ti ń wò tẹ́lẹ̀, ìyá tàbí bàbá tó ń sanwó ì báà jẹ́ ẹni tó kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan n'Ìbàdàn tó ń san owó `Standard`. Bàbá, Ìyá, Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú, oníkálukú ní purofáìlì. Ìdòwú wà ní yunifásítì n'Ífẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, Bàbá ń wo tẹlifíṣàn ní pálọ̀. Ìyá dùbúlẹ̀ sínú yàrá, ó tẹ fíìmù lórí fóònù rẹ̀, wọ́n dá a padà. Bàbá ní, “Àbí kí ló dé? Ṣebí èmi nìkan ló ń wò nínú ilé yìí.” Táyé ní, “Ẹ mú un wá, mà, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e sí purofáìlì tèmi.” Ó gbé e síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún yọ. Kò lè má yọ. Síkírìnì kejì ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan níbòmíràn, kò sì sí purofáìlì tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa mọ ẹni náà kò le. Kí ẹni tó ni àkáǹtì wọ ojú ìwé àkáǹtì, kó wá ibi tí wọ́n kọ `Manage access and devices` sí. Ó máa rí àwọn ẹ̀rọ tó lò ó láìpẹ́, purofáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò, ìgbà tó lò ó kẹ́yìn, àti agbègbè tó wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí fóònù Ìdòwú. Ìyá pè é, ọmọ ní, “Ẹ má bínú, mà, mo ti sùn lọ.” Òótọ́ ni, oorun ló ń sùn. Eré alápá púpọ̀ ló ń wò, bí apá kan bá sì ti parí, èkejì á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè ṣe apá bíi mẹ́ta kí ẹ̀rọ tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó jí nìyẹn. Ohun tó dáa ni kí Ìdòwú pa ìyẹn nínú ètò purofáìlì tirẹ̀, kí apá tuntun má ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́. Níhìn-ín nìkan ni purofáìlì ti lè ran ìṣírò síkírìnì lọ́wọ́ díẹ̀.

Ká ní wọ́n mú iná lọ lójijì ńkọ́? Tẹlifíṣàn Bàbá kú láìdágbére. Ó mú fóònù kó lè parí eré rẹ̀, wọ́n ní àyè ti kún, nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń kà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí eré bá ń lọ, ẹ̀rọ yín máa ń ránṣẹ́ lóòrèkóòrè pé “mo ṣì wà níbí”. Bí ẹ bá jáde dáadáa, á sọ pé òun ti lọ, àyè á ṣí lójú ẹsẹ̀. Bó bá kú lójijì, tàbí tí dátà tán láàárín, kò sẹ́ni tó dágbére. Ilé-iṣẹ́ náà á máa retí iṣẹ́ tó kàn títí yóò fi sú u, kó tó gbà pé ẹni náà ti lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, kì í ṣe wákàtí. Torí náà, bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí iná lọ ni wọ́n dá yín padà, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ọmọ. Dídá eré dúró láìjáde náà kò tó. Ẹ jáde kúrò nínú fíìmù náà pátápátá bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè.

Ìṣírò ọ̀tọ̀ tún wà fún fíìmù tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fóònù. `Standard` fàyè gba ẹ̀rọ méjì láti gbà á sílẹ̀, `Premium` gba mẹ́fà, àwọn tó kéré gba ẹyọ kan. Bí ẹ bá ti pa fóònù kan tì, tí ẹ ra tuntun, ti àtijọ́ ṣì lè jókòó lórí ọ̀kan nínú àyè náà títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ èrè wà níbẹ̀ fún ìdílé yìí. Bí Ìdòwú bá fi Wi-Fi ilé-ìwé gba apá eré mélòó kan sílẹ̀ lọ́sàn-án, tó wá wò ó lálẹ́ láìṣí dátà, ilé-iṣẹ́ náà kò rí i, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa kà á. Bàbá àti Ìyá á ní síkírìnì méjèèjì. Kó sá ti rántí pé àwọn fíìmù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń tán, àwọn mìíràn kì í sì í ju wákàtí 48 lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ agboolé ló kù. Netflix ní àwọn tó ń gbé inú ilé kan ni òun ta àkáǹtì kan fún. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti ń mú òfin yìí ṣẹ ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Tẹlifíṣàn ilé ni wọ́n fi ń mọ ibi tí agboolé wà, wọ́n á sì wo nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí wọ́n bá dá yín padà torí agboolé, ó yàtọ̀ pátápátá sí ti àyè tó kún. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ ń sọ pé ẹ kì í ṣe ara agboolé náà, bí gbogbo ilé bá tilẹ̀ pa tiwọn, kò ní ṣí. Lórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ta àyè fún ẹni tí kì í gbé inú ilé, ẹni tó ni àkáǹtì lè fi owó kún un. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè gba ọ̀nà yìí wọlé sórí àkáǹtì bàbá rẹ̀ tó wà l'Ékòó, nítorí orílẹ̀-èdè kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà.

Bó bá sì jẹ́ àjèjì lẹ rí nínú `Manage access and devices`, bóyá ayálégbé àtijọ́ tàbí ọ̀rẹ́ ọmọ yín, ẹ má wulẹ̀ pa purofáìlì tó ń lò rẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn, kò sì ṣe nǹkankan fún un ju pé ibi tó wo eré dé máa sọ nù. Pásíwọ́ọ̀dù ṣì wà lórí tẹlifíṣàn rẹ̀, á mú purofáìlì Kẹ́hìndé lò. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ yan èyí tó máa lé gbogbo ẹ̀rọ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín á tún wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹlifíṣàn pálọ̀ sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.