Fóònù Tòkunbọ̀ àti IMEI: Ohun Tí Nọ́ńbà Náà Lè Jẹ́rìí Sí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ra áìfóònù tòkunbọ̀ kan ní Ìkejà. Ẹni tí ó ń tà á fi síìmù mi sí i, ó sì pè. Ó tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀ sì jáde. Ṣé ìyẹn ti tó láti mọ̀ pé ojúlówó ni, pé wọn kò dínà mọ́ ọn, àti pé kì í ṣe ti olè?

Ìdáhùn: Kò tó rárá. Nígbà tí ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀n bá kéde pé wọ́n jí fóònù òun, ilé-iṣẹ́ tí ó ń lo síìmù rẹ̀ yóò kọ IMEI fóònù náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn fóònù tí a dínà mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ní Ìlú Ọba yóò sì kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí kì í wo àkọsílẹ̀ náà kò ní kọ fóònù yẹn, nítorí náà ni èyí tí ó ti kú ní Lọ́ńdọ̀n ṣe lè máa pè geere ní Ìkejà. Àbúrò mi kan lo irú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní Ìbàdàn láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ tí ó dé Mánṣẹ́sítà, ó fi síìmù ibẹ̀ sí i, ó pa á, ó tún tan án, "No Service" ni ó ń rí lókè ojú fóònù. Ó ra síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, bákan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ojúlówó ni. Nọ́ńbà 15 ni IMEI ní: 8 àkọ́kọ́ ń sọ irú fóònù tí ó jẹ́, 6 tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti fóònù yẹn nìkan, èyí tí ó kẹ́yìn sì wà fún àyẹ̀wò. Ẹ wo 490154203237518. Ẹ yọ nọ́ńbà ìkẹyìn, ìyẹn 8, sọ́tọ̀, kí ẹ wá fi 2 sọ ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, títí dé ìkẹrìnlá di ìlọ́po. Bí èyíkéyìí bá di 18, ẹ ro 1 àti 8 pọ̀ kí ó di 9. Bẹ́ẹ̀ náà ni 14 ṣe ń di 5. Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo wọn pọ̀.

```
4 9 0 1 5 4 2 0 3 2 3 7 5 1
4 9 0 2 5 8 2 0 3 4 3 5 5 2  = 52
```

Ó ku 8 kí 52 tó di 60, tí í ṣe ìlọ́po 10 tí ó tẹ̀ lé e, 8 náà sì ni nọ́ńbà ìkẹyìn. Bí kò bá bá a mu, ẹnì kan ti hùmọ̀ nọ́ńbà yẹn. Bí ó bá sì bá a mu, ẹ má tíì yọ̀, nítorí pé ayédèrú lè gbé IMEI fóònù gidi wọ̀. Ẹ fi èyí tí *#06# gbé jáde wé èyí tí ó wà nínú Settings, General, About, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tí ń sọ irú fóònù. Bí ìkànnì bá pe orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà. Páálí kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé wọ́n ń ta páálí lọ́tọ̀.

Lójú ewé About yẹn kan náà, ẹ wá Carrier Lock. "No SIM restrictions" túmọ̀ sí pé síìmù èyíkéyìí lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa olè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni owó wọn ń gbà lọ.

Ní ti olè, ibi tí fóònù ti wá ni kí ẹ ti béèrè. Fún ti Ìlú Ọba, ẹ lọ sí checkmend.com, ẹ ó sì san owó díẹ̀. Fún ti Amẹ́ríkà, stolenphonechecker.org wà. Ìkànnì ọ̀fẹ́ tí ó kàn sọ orúkọ fóònù kò wo àkọsílẹ̀ kankan.

Ìbéèrè: Bí ó bá mọ́ lónìí, ṣé wọ́n ṣì lè dínà mọ́ ọn lọ́la?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó gba fóònù pẹ̀lú àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ lè tà á, kí ó sì dáwọ́ owó dúró lẹ́yìn oṣù méjì, tàbí ẹni tí wọ́n jí i mọ́ lọ́wọ́ lè pẹ́ kí ó tó kéde. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tà á kọ IMEI náà, gbogbo 15, sórí rìsíìtì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò dá owó padà bí wọ́n bá dínà mọ́ fóònù náà níbikíbi láàárín iye oṣù tí ẹ jọ fẹnu kò sí.