Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún tíìmù ní Faransé, tí ò ní dà bí àṣẹ, tí ò sì ní rú èèyàn lójú

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Kútọnu, Faransé ni wọ́n fi ń kọ nǹkan iṣẹ́, kódà bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá tàbí Fọ̀n láàárín ara wọn. Ọmọ Nàìjíríà tó bá di ọ̀gá tíìmù níbẹ̀ sábà máa ń ní ọ̀nà méjì péré lọ́wọ́, yálà kó pàṣẹ gbáà, "Envoie la facture", tàbí kó fi "il faudrait" bojú. Ti àkọ́kọ́ ń bí èèyàn nínú, ti ìkejì sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ sùn síbẹ̀.

Ká sọ pé ẹrù dé sí pọ́ọ̀tù, ajẹ́ńtì tó ń bá wọn kó ẹrù jáde ti fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó. Ọ̀gá wá kọ ọ́ sórí gúrúùpù Wásáàpù báyìí:

"Bonjour à tous, il faudrait voir la facture du transitaire dès que possible. Merci."

Kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ṣe é. "Il faudrait" ò dárúkọ ẹnikẹ́ni ("on doit" náà ò sàn jù ú lọ), "voir" ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó jáde níbẹ̀, "dès que possible" sì ni kálukú máa túmọ̀ bó ṣe wù ú. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí ọ̀gá bèèrè, gbogbo wọn á ní àwọn rò pé ẹlòmíì ti ń ṣe é, wọn ò sì purọ́.

Ọ̀gá tó bá wá bínú á lọ sí òdìkejì: "Rachidi, vérifie la facture aujourd'hui !!!" Ó yé Rachidi o, ṣùgbọ́n níwájú gbogbo gúrúùpù, pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta, ìbáwí ló máa gbọ́.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ rèé:

"Bonjour Rachidi, tu peux vérifier la facture du transitaire et m'envoyer les écarts dans un tableau pour jeudi 15h ? Le paiement part vendredi matin. Si c'est trop juste, dis-le-moi avant demain midi."

Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ló rọ̀ níbẹ̀. "Tu peux" dà bí ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé tó máa rò pé wọ́n ń bi òun bóyá òun lágbára, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n fún òun. Àwọn nǹkan yòókù ò rọ̀ rárá: orúkọ wà ńbẹ̀, ohun tó máa jáde wà ńbẹ̀ (ìyàtọ̀ owó, nínú tábìlì), wákàtí náà wà ńbẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ Tọ́sìdeè náà wà ńbẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ pé owó máa jáde láàárọ̀ Jímọ̀ ò nílò kí wọ́n lé e. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ó fún un láyè láti kọ̀, àmọ́ ìkọ̀ náà ní àkókò tiẹ̀.

Tí ẹni náà bá jẹ́ àgbà tàbí ẹni tí kì í ṣe "tu", "Pourriez-vous" ló máa gba ipò "tu peux". Yorùbá tètè ń mọ "vous" lò torí "ẹ" wa, wàhálà kan náà ló sì bá a wá: nínú gúrúùpù, "vous pouvez envoyer le tableau ?" lè jẹ́ ẹnì kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ gbogbo yín. Orúkọ ló máa là á, "Madame, pourriez-vous" náà ò sì tó tí Madame bá ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún "éventuellement". Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń rò pé "nígbà tó bá yá" ni, àmọ́ "bóyá, tó bá ṣeé ṣe" ló jẹ́, nítorí náà "tu peux éventuellement vérifier" ti sọ iṣẹ́ náà di èyí-tó-wù-ọ́. "Avant jeudi" náà, Wẹ́síde ló yẹ kó ti parí, ṣùgbọ́n àwọn kan máa mú un wá ní Tọ́sìdeè, ìdí nìyẹn tí "jeudi 15h au plus tard" fi dáa jù ú lọ.

Àṣẹ gbáà náà ní àyè tiẹ̀. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ni wọ́n ń ṣàlàyé, "ouvre le fichier, copie la colonne", kò sẹ́ni tó máa bínú. Nínú ìwé ìpàdé náà, "Rachidi vérifie la facture, jeudi 15h" ti tó, torí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀ níwájú ara wọn. Tí Tọ́sìdeè bá sì kọjá láìsí ìròyìn, "Rachidi, tu en es où pour la facture ?" ni wọ́n ń kọ, sí òun nìkan, kì í ṣe sí gúrúùpù.