Ìtúfọ̀ ráútà: ibi tí traceroute ti ṣẹ̀ wá

Traceroute ni ètò tó ń fi ráútà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí dátà, hàn lójú ọ̀nà láti kọ̀ǹpútà wa dé sáfà. Ping tí Mike Muuss kọ ní ọdún 1983 ni àwọn kan máa ń pè ní bàbá traceroute. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ping kàn ń sọ bóyá sáfà dáhùn ni, kò mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Inú ìwé ìlànà IP, òfin ìfiránṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Jon Postel ṣe àkójọ rẹ̀ ní ọdún 1981 ni gbòǹgbò traceroute wà, níbi tí wọ́n ti ní kí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé dátà tí a fi ránṣẹ́, máa gbé nọ́ńbà kan lọ tí ń jẹ́ TTL, ìyẹn iye àkókò tí yóò lò láyé. Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ní kí a fi kà á, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí ráútà kọ̀ọ̀kan yọ ẹyọ kan ó kéré tán, bó ti wù kó yára tó. Ó jọ pé pákẹ́ẹ̀tì tó ṣìnà, tí ì bá máa yí po títí láé, ló wà lọ́kàn wọn. Bí nọ́ńbà náà bá di òdo, ráútà yóò da pákẹ́ẹ̀tì nù, yóò sì lè túfọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́. Nílé wa, ẹni tó wá túfọ̀ ni a máa ń bi pé níbo ló ti ṣẹlẹ̀. Ìtúfọ̀ ráútà gbé àdírẹ́sì ráútà fúnra rẹ̀ wá. Lójú tèmi, ọjọ́ náà gan-an ni a bí traceroute.

Steve Deering ló dábàá pé kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi TTL kékeré ránṣẹ́: 1, lẹ́yìn náà 2, títí tí a ó fi dé sáfà. Van Jacobson ní Berkeley ló kọ ọ́, ó sì sọ nínú kóòdù rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1988 pé lẹ́yìn wákàtí 48 láìsùn, níbi tí òun ti ń wá àléébù ọ̀nà kan, ni ó jáde. Àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé ìlò rẹ̀ ṣì ni olùkọ́ tó dára jù. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ráútà kan, ìlà tó kẹ́yìn ni sáfà, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé e sì ni àkókò lálọ-lábọ̀ ìdánwò mẹ́ta, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá:

```
 8  129.140.70.13  99 ms  99 ms  80 ms
 9  129.140.71.6  139 ms  239 ms  319 ms
10  129.140.81.7  220 ms  199 ms  199 ms
11  nic.merit.edu  239 ms  239 ms  239 ms
```

Ẹni tí kò mọ̀ yóò di ẹ̀bi ru ráútà kẹsàn-án nítorí 319. Ṣùgbọ́n pákẹ́ẹ̀tì tó dé ìlà 11 gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, 239 péré ni ó sì gbà lálọ-lábọ̀. Ráútà náà lè ti pẹ́ níbi ìtúfọ̀ nìkan, torí pé iṣẹ́ tí kì í jẹ wọ́n lógún ni ìyẹn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ráútà. Ìdádúró tòótọ́ ni èyí tó gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́: láàárín ìlà 8 àti 10, nǹkan bí 100 fi kún un, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ dé òpin.

Ìràwọ̀ (*), àmì tí traceroute máa ń tẹ̀ nígbà tí èsì kò bá dé, náà ń tan ènìyàn jẹ. Nínú àpẹẹrẹ kejì, tó lọ sí MIT, ìlà 14 sí 17 jẹ́ ìràwọ̀ lásán, síbẹ̀ sáfà dáhùn ní ìlà 18, nítorí pé àwọn ráútà ibẹ̀ kì í túfọ̀. Bí ìràwọ̀ bá dé òpin tí sáfà kò sì dáhùn lọ́nà mìíràn, nígbà náà ni a ó fura sí ẹ̀yìn ráútà tó dáhùn kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni tracert ti Windows dé, tó ń fi ICMP, irú pákẹ́ẹ̀tì tí ping ń lò, ṣiṣẹ́, àti Paris traceroute ní ọdún 2006, fún ọ̀nà tó pín sí púpọ̀. Kò sí èyí tó fi ọ̀nà àbọ̀ hàn nínú wọn. Bí a bá fura sí i, a ní láti ṣe é láti ọ̀dọ̀ sáfà wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà wa pẹ̀lú.